Ẹ yé sọ pé ẹ̀dà ojú ewé kìíní ni ojú ewé kejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní búlọ́ọ̀gù, ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣe búlọ́ọ̀gù fún èèyàn gbowó, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ìlà kan ṣoṣo nínú kóòdù ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àmọ́ ìlà yẹn lè bo ọ̀pọ̀ iṣẹ́ èèyàn mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ búlọ́ọ̀gù nípa oúnjẹ. Ẹ̀ka ọbẹ̀ nìkan ní àpilẹ̀kọ 57. Bí èèyàn ò bá yí i padà, 10 ni WordPress máa ń kó sí ojú ewé kan, ìyẹn ni pé ẹ̀ka ọbẹ̀ yìí pín sí ojú ewé 6, méje péré ló sì wà lórí ìkẹfà. Ọbẹ̀ tuntun ló ń wà níwájú, àwọn tó kọ́kọ́ kọ ti lọ sẹ́yìn pátápátá. Ó ní òun rí i pé àwọn ọbẹ̀ àtijọ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́ téèyàn bá wá wọn lórí Google, bẹ́ẹ̀ àwọn ló fara ṣe jù. Mo ṣí ojú ewé kẹta, mo tẹ `view-source:` síwájú àdírẹ́sì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo wá `canonical` nínú kóòdù, mo bá èyí (mo fi `example.com` rọ́pò orúkọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀):

```
<link rel="canonical" href="https://example.com/category/obe/">
```

Mo wo ojú ewé kejì, ìkẹrin, títí dé ìkẹfà. Ohun kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí àmì yìí ń ṣe. Ohun kan náà lè wà ní àdírẹ́sì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹnì kan pín líǹkì yín, ìrù gígùn bíi `?utm_source=twitter` ti so mọ́ ọn. Ojú ewé kan náà ni o, àdírẹ́sì ló yàtọ̀. Àmì `canonical` ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìwádìí pé, "èyí ni ojúlówó, ẹ̀dà lèyí tó kù, èyí ni kí ẹ mú." Google, Yahoo àti Microsoft ló jọ gbé e jáde lọ́dún 2009. Fún iṣẹ́ yẹn, mi ò rí nǹkan tó dà bíi rẹ̀.

Àmọ́ ojú ewé kẹta kì í ṣe ẹ̀dà ojú ewé kìíní! Gbẹ̀gìrì àti ẹ̀gúsí tó wà lórí ojú ewé kẹta, ẹ ò lè rí wọn lórí ìkíní. Orí kan náà ni wọ́n gbé, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ní, inú wọn ló yàtọ̀. Bí ìgbà téèyàn ń sọ pé fọ́tò Táyé ni Kẹ́hìndé ni.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Tí Google bá gba irọ́ yẹn gbọ́, á yọ ojú ewé 2 sí 6 kúrò nínú àkójọ rẹ̀, á sì lè má ka àwọn líǹkì tó wà lórí wọn sí. Líǹkì ọbẹ̀ 47 nìyẹn. Tí kò bá gbà á gbọ́ ńkọ́? Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, torí ìmọ̀ràn ni `canonical`, kì í ṣe àṣẹ. Ó lè rí i pé ojú ewé méjèèjì ò jọra, kó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni èrè wà níbẹ̀?

Ẹni tó bá a ṣe búlọ́ọ̀gù náà ní torí káwọn ojú ewé má bàa dà bí ẹ̀dà ara wọn lòun ṣe ṣe é. Ẹ̀rù yẹn náà ló ń mú àwọn míì fi `noindex` sí ojú ewé kejì sókè. Ìyẹn burú díẹ̀ sí i, torí àwọn ará Google ti sọ ọ́ pé tí `noindex` bá pẹ́ lórí ojú ewé kan, àwọn ò ní máa tẹ̀ lé líǹkì ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan ṣì gbọ́kàn lé `rel="next"` àti `rel="prev"`. Ó pẹ́ jù, jàre. Ọdún 2019 ni Google ti sọ pé àwọn ò lò ó mọ́.

Ohun tí ìlànà Google fúnra rẹ̀ sọ ò le rárá: ẹ má fi ojú ewé kìíní ṣe `canonical` fún àwọn tó kù, kí kálukú tọ́ka sí ara rẹ̀. Ojú ewé kẹta á wá ní:

```
<link rel="canonical" href="https://example.com/category/obe/page/3/">
```

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "ṣebí `sitemap` wà." Ó wà lóòótọ́, á sì sọ fún Google pé àdírẹ́sì kan wà. Àmọ́ líǹkì ló ń fi hàn pé gbẹ̀gìrì wà lára ọbẹ̀, pé ẹ̀yin fúnra yín ṣì kà á sí.

Ti àkọlé ńkọ́? Níbí, Google fúnra rẹ̀ ní kò sóhun tó burú tí gbogbo ojú ewé bá jẹ́ àkọlé kan náà. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí èèyàn ni mo ń rò. Ẹni tó ṣí ojú ewé mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń jẹ́ "Ọbẹ̀", báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń kà? Tẹ́ ẹ bá ń lo Yoast SEO, ẹ kọ àkọlé ẹ̀ka báyìí:

```
%%term_title%% %%page%% %%sep%% %%sitename%%
```

Lójú ewé àkọ́kọ́, `%%page%%` ò ní kọ nǹkan kan. Láti ìkejì lọ ni nọ́ńbà á máa jáde. Ó tán. Ẹ má wá wá ọ̀rọ̀ àrà fún ojú ewé kẹrin, kò sẹ́ni tó ń wá a.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: ọ̀nà àárín ilé ni àwọn ojú ewé yìí, èèyàn kì í gbé ibẹ̀. Ọbẹ̀ tuntun kan péré tí ọ̀rẹ́ mi bá kọ, èyí tó gbẹ̀yìn lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan á sún bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Tó bá sì yí 10 padà sí 20, ojú ewé 6 á di 3, ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì ojú ewé karùn-ún á bá 404 pàdé. Nítorí náà, ẹ má fi líǹkì ojú ewé kẹrin ránṣẹ́ sí èèyàn, líǹkì ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Tí ẹ̀ka bá sì ti gùn jù, ẹ pín in. A pín tirẹ̀ sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ọbẹ̀ ẹja àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì so gbẹ̀gìrì mọ́ ewédú nínú àpilẹ̀kọ méjèèjì. Gbẹ̀gìrì tó wà lójú ewé kẹta tẹ́lẹ̀ ti wá wà níbi tí ẹni tó ń ka ewédú á ti rí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Search Console, ẹ lẹ àdírẹ́sì ojú ewé kejì mọ́ àpótí òkè. Ẹ wo `User-declared canonical`, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ̀yin sọ, kẹ́ ẹ wá wo `Google-selected canonical`, ohun tí Google mú. Tó bá jẹ́ ojú ewé kìíní ló wà níbi méjèèjì, Google ti gbà yín gbọ́ nìyẹn. Àtúnṣe ò ní hàn lọ́jọ́ kejì o, ó dìgbà tí Google bá padà wá ka ojú ewé ọ̀hún. Ti ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó yí padà sí `Inspected URL`.