Ẹ Má Tú "Ẹ Kú Ìnáwó" sí Faransé

Nílé, bí òbí tó dàgbà bá kú, a máa ń kí ọmọ rẹ̀ pé "ẹ kú ìnáwó." Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí ẹ sì ń kọ ímeèlì sí akẹgbẹ́ yín ní Kútọnu tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹ má tú u. Ọ̀rọ̀ owó ni yóò gbọ́. Gbólóhùn méjì tó:

"J'ai appris avec tristesse le décès de votre mère. Je vous présente mes sincères condoléances."

"Décès" rọra ju "mort" lọ, bí "papò dà" ṣe rọra ju "kú." "Votre" àti "vous" dà bí "ẹ" ọ̀wọ̀ tiwa. Àwọn kan á ní ó ti tutù jù. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ ló wà nínú kíkúrú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e; ìyẹn di ímeèlì mìíràn.