Kò Sí Ìwé Lọ́wọ́, Kò Sí Ìbò!

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Nígbà tí àwọn ọ̀gá pè wá láti ṣàlàyé owó ìfẹ̀yìntì, síláìdì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé sára ògiri. Ìlà ọ̀rọ̀ lé ní ogún, lẹ́tà sì rí bí eèrà. Àwa tí a jókòó lẹ́yìn kò rí nǹkan kan kà. Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ ti wà lójú yín," wọ́n sì ní kí a nawọ́ sókè bí a bá fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹni tí a kò lè kà, ọ̀nà wo ló fi yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi pamọ́?

Kí a má tan ara wa: síláìdì ẹgbẹ́ tiwa náà ń kún bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè máa ka ọ̀rọ̀ jàn-ànràn-jan-anran kó sì máa gbọ́ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan yóò bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún síláìdì yẹn ṣe. Lára ògiri, ohun tó yẹ kó wà kò ju èyí lọ: "Nínú ₦100,000: òṣìṣẹ́ ₦8,000, ọ̀gá ₦10,000." Kí lẹ́tà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà ní bẹ́ǹṣì ìkẹyìn yóò kà á. Kí a rán ènìyàn kan lọ síbẹ̀ dán an wò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Àlàyé yóò lọ sí àyè tí wọ́n kọ Notes sí lábẹ́ síláìdì nínú PowerPoint. Níbẹ̀ ni olùsọ̀rọ̀ yóò kọ ọ́ sí pé òfin ọdún 2014 ló pàṣẹ ìdá 8 àti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni a ń pa pọ̀ ṣírò, ó kéré tán. Kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bíi Notes Pages, torí iná lè lọ nígbàkigbà.

Ìwé tí a ó pín ni yóò gbé ẹ̀rí dání, ní gbólóhùn tó já gaara: ọ̀gá gbọ́dọ̀ san owó náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Bí kò bá san án, ìtanràn kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Lórí ₦18,000 yẹn, ₦360 nìyẹn lóṣooṣù. Kí a fi àyè sílẹ̀ kí olúkúlùkù kọ iye tirẹ̀ sí i. Ẹni tó bá kàn tẹ síláìdì mẹ́fà sójú bébà kan kò tíì ṣe ìwé kankan. Lẹ́tà tí a kò rí kà tẹ́lẹ̀ ló tún sọ di kékeré sí i.

Àwọn kan ní kí a pín ìwé ní ìparí, kí ènìyàn má baà máa kà á nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lásán, a gbà. Ṣùgbọ́n níbi tí a ó ti dìbò lórí owó wa, ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wa kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Síláìdì á kú bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Bébà la ó fi bá wọn jiyàn lọ́la.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún ní kí a nawọ́ sókè, kí a kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ìwé. Kò sí ìwé lọ́wọ́, kò sí ìbò!

Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ yín