Ẹjọ́ Bakassi: Ta ló fún Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé láṣẹ lórí Nàìjíríà?

Bí ìdílé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bá pe ará Agọ́-Ìwòyè lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀, ẹni tí wọ́n pè kò lè sọ pé òun kò gbà kí kọ́ọ̀tù gbọ́ ọ. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague kò lè dá ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kankan, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti gbà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ̀ǹda. Èkíní, kí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí ilé ẹjọ́ bá àwọn parí ọ̀rọ̀ kan pàtó. Bẹ́ẹ̀ ni Benin àti Niger ṣe lórí erékùṣù Lété, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Èkejì, kí ó ti wà nínú àdéhùn tí wọ́n jọ wọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọn yóò gbé aáwọ̀ lọ. Ọ̀nà yìí ni Gambia gbà lọ́dún 2019, nígbà tó pe Myanmar lẹ́jọ́ lórí àwọn Mùsùlùmí Rohingya, nítorí àwọn méjèèjì ló wà nínú àdéhùn tó lòdì sí pípa ẹ̀yà run. Ẹ̀kẹta, kí orílẹ̀-èdè kéde sílẹ̀ pé òun gba àṣẹ ilé ẹjọ́ náà, bí ẹni tó bá pe òun lẹ́jọ́ bá ti ṣe irú ìkéde kan náà.

Ọ̀nà kẹta yìí ló mú Nàìjíríà. A ti ṣe ìkéde tiwa láti ọdún 1965. Kamẹrúùnù ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1994. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù náà, ó ti gbé wa lọ sí Hague lórí Bakassi.

Nàìjíríà gbé àtakò mẹ́jọ dìde. Irú àtakò báyìí kì í sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kò yẹ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rárá. Èyí tó ṣáájú nínú wọn ni pé Kamẹrúùnù yọ́ ṣe é: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí ẹ̀dà ìkéde rẹ̀ tó dé ọwọ́ àwọn orílẹ̀-èdè yòókù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1998, ilé ẹjọ́ dáhùn pé ọjọ́ tí ìkéde bá dé ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ti múlẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn kò tíì gbọ́. Adájọ́ mẹ́rìnlá fara mọ́ èyí, mẹ́ta kọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, Mùsùlùmí ọmọ Abẹ́òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, tí Nàìjíríà yàn láti jókòó nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n da àtakò méje nù. Ẹ̀kẹjọ jẹ mọ́ ààlà orí òkun tó lè kan orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ní àwọn kò lè yanjú ìyẹn láìwọ inú ẹjọ́ gan-an. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, wọ́n dá Bakassi fún Kamẹrúùnù.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 1998, Nàìjíríà ti tún ìkéde rẹ̀ kọ: orílẹ̀-èdè tí ìkéde rẹ̀ kò bá tíì pé oṣù méjìlá kò lè fi pe òun lẹ́jọ́ mọ́. Ká ní gbólóhùn yẹn ti wà níbẹ̀ lọ́dún 1994 ni, ẹjọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ì bá má gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ ni ilé ẹjọ́ máa ń wò, ọdún mẹ́rin sì ti kọjá lórí ìyẹn.