Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì í Ṣe Ẹjọ́ Tó Ti Parí

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn ọmọ tó ń jókòó sí kọsitọ́mà kíà. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata ní Bárígà, ẹnì kan ra ọjà 42,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi fóònù ṣe tíránsífà. Ìyá rí i lójú fóònù ẹni náà pé owó ti lọ, ó bá gbé ọjà fún un. Títí ilẹ̀ fi ṣú, aláàtì kò dé. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí báǹkì rẹ̀ pé: "E ku ise o. Owo ti won fi ranse si mi lana..." Ibi tó dé nìyẹn tí oníbàárà fi dúró sí i lórí, ó bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èsì tó gbà ni: "A ti gba oro yin. E seun." Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òmíràn tún wọlé pé wọ́n ti pa ẹjọ́ náà dé torí pé kò fèsì. Èsì kí ni? Ta ló bi í ní ìbéèrè?

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú ẹ̀, á di odidi. Lójú tiwa, ẹni tó wà nídìí kọsitọ́mà kíà gbọ́dọ̀ gbọ́ àbọ̀ náà, àmọ́ kó má fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó bi oníbàárà, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di odidi.

Kó kọ́kọ́ mọ ibi tí àmì tó-tó-tó yẹn ti wá. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà wọn ló fi í síbẹ̀, torí pé ojú ìwé tí wọ́n to àtẹ̀jíṣẹ́ sí kì í gba ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Kó ṣí i, kó kà á tán. Nígbà mìíràn nẹ́tíwọ́kì ló gé e. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í gbà ju lẹ́tà 160 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á pín in, apá kejì sì lè pẹ́ lọ́nà. A máa ń dá irú èyí mọ̀ torí pé ó gùn, ó sì máa ń já láàárín ọ̀rọ̀, láìsí àmì kankan. Kó dúró díẹ̀ de ìyókù. Àmọ́ tó bá kúrú, tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn pé, tí àmì wá tẹ̀ lé e, èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà fi ń mí ni o, kì í ṣe pé ó ń bínú. Ó lè jẹ́ pé ojú ń tì í, tàbí pé ọjà pè é.

Irú èsì tí ìyá aláta ì bá gbà rèé: "E ku oja ma. A ri oro yin lori owo ana, ko tii pari. E te 1 bi owo naa ko ba tii wole. E te 2 bi o ba je oro miran. A n duro de yin."

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ó kí i, ó dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà fún un, ó sì fún un ní ìdáhùn tí ẹni tí ata wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ìka kan tẹ̀. A ò lo bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, torí tí wọ́n bá bi èèyàn pé "ṣé kò tíì wọlé?", bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ lè túmọ̀ sí méjì. A ò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà rẹ̀ náà, torí pé ọ kan ṣoṣo tó ní àmì lábẹ́ á sọ àyè 160 yẹn di 70, owó á sì gun orí owó. Kó má béèrè PIN o, kó má sì fi tó-tó-tó dá tó-tó-tó lóhùn.

Ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Bí kò bá fèsì títí ọjọ́ kejì, kí wọ́n pè é lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé wọn, nírọ̀lẹ́ tí ọjà ti tú.

Ọ̀kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de èsì rárá. Bí wọ́n bá rí "Foonu mi ti sonu..." tàbí "Won n yo owo mi...", kí wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni yẹn tó tẹ 1 tàbí 2, owó lè ti tán.

Ẹ̀yin ìyá wa náà, bí ẹ bá máa tẹ ọ̀rọ̀ owó ránṣẹ́, ẹ fi ọjọ́, iye owó àti báǹkì tó ti wá ṣíwájú, kí ìkíni wá tẹ̀ lé e. Bí oníbàárà bá dé lójijì, ohun tó ṣe kókó á ti lọ. Kí aláàtì tètè máa dé o.