ÌDÁHÙN SÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÌLÓBÌ: OHÙN EWÌ KÌ Í ṢE ÀMÌ ORÍ Ọ̀RỌ̀

Lẹ́tà pọ̀ lórí ewì kúkúrú tí èmi fúnra mi hun fún yín, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti Ìlóbì wá ni n ó dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin tí ó kọ ọ́ ní ìdánwò àṣekágbá òun kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ òun kì í sì í fún òun ju 8 lọ nínú 20 bí ó bá di ìbéèrè ewì. Ewì náà nìyí:

Odò Yewa, ò ń lọ láìdágbére,
Ọmọ mi bá ọ lọ, ó ní òun ń bọ̀.
Ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé,
Ẹní rẹ̀ ṣì wà ní kíká.
Bí mo bá bu omi rẹ, mo máa ń wò ó:
Omi lo gbé wá, ojú ọmọ ni mo ń wá.

Ọmọ mi, níbi tí a ti bi ọ́ ní ohùn ewì, o kọ ọ́ pé ohùn òkè pọ̀ ní ìlà kẹfà. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n a kò bi ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni à ń wá: ṣé inú ń bí i ni, àbí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, àbí àárò ń sọ ọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ akọrin lè máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń gbóná sí oníwà burúkú. Ohùn náà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí o wá kọ pé "ewì náà banú jẹ́ gidigidi." Fi ìka rẹ lé ọ̀rọ̀ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ìyá yìí kò sunkún, kò pe orúkọ ikú, kò bú odò. Ohun tí ó ní lẹ́nu ni "ṣì," ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwítúnwí ni ìwọ pè é, o sì kọjá lọ. Orúkọ lásán kò gba máàkì púpọ̀. Sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ẹni tí ó ti gba kámú kì í sọ pé ẹrù ọmọ "ṣì wà." Ìrètí ni, ṣùgbọ́n ìrètí tí àníyàn ti ń jẹ lábẹ́.

Ibi tí àníyàn náà ti hàn ni ìlà kejì. Yorùbá kì í jáde nílé kí ó ní "mo lọ," "mò ń bọ̀" ni à ń wí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ náà lè jẹ́ ìlérí, ó sì lè jẹ́ àṣà ẹnu lásán. Ìyá mú un ní ìlérí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kọ ọ́ pé ọmọ náà kú sómi. Ẹ rọra. "Bá ọ lọ" ni ewì wí, kò ní "o gbé e lọ." Ó lè jẹ́ pé ó tẹ̀ lé ipa odò lọ sí ìhà Àgbádárìgì láti wá iṣẹ́. Síbẹ̀, "gbé" tí a kò gbọ́ ní ìlà kejì jẹyọ ní ìlà kẹfà, ó sì yẹ kí ó bà wá lẹ́rù díẹ̀. Kọ ọ́ pé ewì fi í sílẹ̀ ní méjì. Má ṣe bá a parí rẹ̀.

Ní ti àwòrán, ìfohunpènìyàn inú odò ni o rí, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹní tí a ká ni ó dùn mọ́ mi jù, ìwọ kò sì fọwọ́ kàn án. Ẹní kíká ń dúró de ẹni tí yóò tẹ́ ẹ. Bí ìyá bá ti rò pé ọmọ kò ní í padà, ẹlòmíràn ìbá ti máa sùn lórí rẹ̀.

Bí èmi bá ń kọ ìlà kẹfà, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: "Akéwì fi 'wá' dárà. 'Gbé wá' jẹ́ ohun tí ó dé ọwọ́, 'ń wá' jẹ́ ohun tí kò tíì dé. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní, nítorí náà etí gbọ́ ohun kan, ọkàn sì gbọ́ pé nǹkan kù." Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Tún ti ìlà kẹrin kọ bẹ́ẹ̀, kí o sì fi í ránṣẹ́ kí ìdánwò tó dé.