Ìwé gbèsè tó ń rìn àti èyí tí kò lè rìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, tírẹ́ẹ̀dì yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé tí àwọn èèyàn wa ń kọ síra wọn nígbà tí wọ́n bá ta epo pupa láwìn ni. Èrò tèmi ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí a máa ń kì bọ̀ ọ́ láti fi tu ẹni tó ń tà nínú ló ń sọ ìwé náà di bébà lásán.

Ká ní ìyá elépo kan wà ní Igbotako. Oníbàárà kan wá láti Èkó, ó kó epo ₦1,200,000, ó ní òun á san án lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó kọ ìwé fún ìyá, ó sì buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn oṣù kan, owó ilé-ìwé dé, ẹyìn sì wà lóko tí ìyá fẹ́ rà. Owó ò sí lọ́wọ́, àmọ́ ìwé wà lọ́wọ́. Ṣé ìyá lè ta ìwé yẹn?

Tí ìwé náà bá péye, bẹ́ẹ̀ ni. Bùọ̀dá kan tó ń ta páàtì mọ́tò l'Òkìtìpupa lè fún un ní ₦1,120,000 lónìí, kó gba ìwé náà, kó sì dúró de ₦1,200,000 lọ́jọ́ tó pé. ₦80,000 ni èrè ìdúró rẹ̀. Ìyá buwọ́ lu ẹ̀yìn ìwé, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n san án fún bùọ̀dá, ó gbé e fún un. Ó parí. Kò sí pé à ń wá oníbàárà Èkó kó wá fọwọ́ sí i.

Ibi tó dùn nìyí o. Ká ní nígbà tí oṣù kẹta pé, oníbàárà Èkó ní òun ò san, pé omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lára epo yẹn. Tó bá jẹ́ ìyá ló wá gba owó, ẹjọ́ wà ńbẹ̀. Àmọ́ bùọ̀dá ló mú ìwé wá. Ó fi owó gidi gbà á, ọjọ́ ò tíì pé nígbà tó gbà á, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ omi kankan, ojú ìwé sì mọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́. Oníbàárà á san án fún bùọ̀dá ní kíkún. Tó bá fẹ́ bá ìyá jà lórí omi, ìyẹn di ẹjọ́ mìíràn láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tó jẹ́ kí ìwé yìí máa rìn nìyẹn. Tó bá jẹ́ gbèsè lásán ni, ẹni tó rà á lọ́wọ́ ìyá máa ra ìjà tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ ra ìjà? Àmọ́ ẹni tó gba ìwé yìí lọ́wọ́ mímọ́ lè ní ẹ̀tọ́ tó ju ti ẹni tó gbé e fún un lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1756, àwọn olè dá àpò lẹ́tà lọ́nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó ìwé báǹkì kan tó jẹ́ pọ́n-ùn 21 àti ṣílè 10 lọ. Ó bọ́ sọ́wọ́ onílé-èrò kan tó ń jẹ́ Miller, tó gbà á lọ́wọ́ àlejò láìmọ nǹkan kan. Báǹkì ní àwọn ò san, nítorí ẹni tó ni ín ti ké pé kí wọ́n dá a dúró. Ní 1758, Adájọ́ Mansfield ní kí Miller gba owó rẹ̀. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí owó ni wọ́n ṣe ń ná irú ìwé yẹn lọ́jà, tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbà á bá sì ní láti kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti wá, ọjà ò ní rìn.

Ní Nàìjíríà, òfin tó dá lórí ẹ̀ ti wà láti 1917, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1882 ni wọ́n sì wò kọ ọ́. Ohun tó béèrè kò pọ̀: kí ó wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹni tó jẹ gbèsè buwọ́ lù ú, kí iye owó dájú, kí ọjọ́ dájú tàbí kó jẹ́ ìgbàkígbà tí wọ́n bá béèrè. Kí ó jẹ́ ti lágbájá tàbí ẹni tí lágbájá bá ní kí a san án fún, tàbí ti ẹni tó bá mú un wá. Kí ìlérí náà má sì ní "tó bá jẹ́ pé" nínú.

"Tó bá jẹ́ pé" yẹn gan-an ni wàhálà wa! Ẹ wo ìwé méjì yìí:

"Mo ṣèlérí láti san ₦1,200,000 fún lágbájá, tàbí ẹni tó bá ní kí n san án fún, lóṣù mẹ́ta sí ọjọ́ òní."

"Màá san ₦1,200,000 fún lágbájá tí mo bá ti ta epo náà tán l'Ékòó."

Èkejì dùn létí, ó tún dà bí òótọ́, àmọ́ kò lè rìn. Ta ló mọ ìgbà tí epo á tà, tàbí bóyá ó máa tà rárá? Kódà tí epo bá tà tán lọ́la, ìyẹn ò tún ìwé náà ṣe. Ó ṣì jẹ́ ẹ̀rí pé gbèsè wà o, àmọ́ bùọ̀dá Òkìtìpupa ò ní fi ₦1,120,000 rà á tó bá gbọ́n.

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i: ìwé tó ní "màá san lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ tí bàbá mi bá kú" dáa lójú òfin, torí ikú dájú. Èyí tó ní "lọ́jọ́ tí mo bá gbéyàwó" kò dáa. Ẹ̀yin àpọ́n, ẹ ti gbọ́.

Ìwé yìí ní ewu tiẹ̀ náà. Ìyá tó buwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣe onígbọ̀wọ́ nìyẹn. Tí ará Èkó ò bá san, tí bùọ̀dá sì tètè fi tó ìyá létí, ọ̀dọ̀ ìyá ni yóò padà sí. Tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n má padà sọ́dọ̀ òun. Bùọ̀dá lè tìtorí ẹ̀ dín iye tó máa san kù. Tí olè bá sì jí ìwé tó ní orúkọ ìyá, tó fọwọ́ èké buwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó rà á lọ́wọ́ olè ò rí nǹkan kan gbà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó. Ti Miller yàtọ̀ torí pé ẹni tó bá mú ìwé yẹn wá ni báǹkì ṣèlérí láti san án fún. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìwé tó ní orúkọ.

Sọ̀wédowó ńkọ́? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àmọ́ báǹkì ni a ń pàṣẹ fún pé kó san án ní kété tí wọ́n bá béèrè. Òun náà lè rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, àmọ́ a ti so ó lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá fa ìlà méjì sí i lójú, inú àkáǹtì nìkan ni owó rẹ̀ lè wọ̀. Tí wọ́n bá tún kọ ọ̀rọ̀ kan sáàárín ìlà náà pé ẹni tó gbà á ò lè ní ẹ̀tọ́ ju ti ẹni tó fún un lọ, agbára tó ran Miller lọ́wọ́ ti kúrò nínú rẹ̀. Báǹkì Àpapọ̀ náà tún dá sí i: nínú ètò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tí sọ̀wédowó bá ju ₦150,000 lọ, tí kì í sì í ṣe ẹni tó ni àkáǹtì ló mú un wá, wọn ò gbọ́dọ̀ san án lórí káńtà. Wọ́n ti yí iye náà padà lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tà láwìn, ẹ yọ "tí epo bá tà" kúrò, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ má sì gbàgbé "tàbí ẹni tó bá ní kí n san án fún". Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì wò kí ẹ tó buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá ráyè ṣí i, ẹ kọ ọ́ gbangba pé ìyá nìkan ni ẹ máa san án fún, kò ṣe é gbé fún ẹlòmíràn.