Orúkọ olùkọ́ tí ẹ kọ sínú síífíì yín, ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ̀?

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni obìnrin kan pè mí láti iléeṣẹ́ tí mo ti lọ ṣe intafíù n'Íkẹjà. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi dúpẹ́ nígbà tó sọ pé, "Ẹ má bínú o, Purofẹ́sọ̀ tí ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yín." Mi ò lè sọ̀rọ̀. Baba yẹn ò parọ́. Mo ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ mi ló sì wà nínú síífíì mi, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá mi ni mo lò nílé ìwé. Yàtọ̀ síyẹn, sáà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ wa, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí a ti pọ̀ bí eṣú. Mo kàn fẹ́ kí oyè "Purofẹ́sọ̀" hàn nínú síífíì mi ni. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ náà bọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà, èmi náà ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan l'Ékòó, níbi tí a ti máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n máa bínú nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ pé, "Àwọn lẹ́kṣọ́rà wa burú, wọn kì í ran èèyàn lọ́wọ́." Àwọn kan burú lóòótọ́. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo rí, mẹ́séèjì tí wọ́n fi bẹ̀ wọ́n ló ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tó ń dẹ́rù ba àwọn olùkọ́. Lédè wa, ó rọrùn láti kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró fún mi níbi iṣẹ́." Kí ni àgbàlagbà máa gbọ́ nínú ìyẹn? Onídùúró ló máa gbọ́. Onídùúró sì ni ẹni tó ń buwọ́ lùwé pé tí òṣìṣẹ́ yìí bá kówó iléeṣẹ́ sá lọ, òun ni kí wọ́n wá mú. Àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ tó ń gbé owó lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń béèrè irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò, káàdì ìdánimọ̀ àti àdírẹ́sì ilé onídùúró. Olùkọ́ wo ló máa ṣe ìyẹn fún ọmọ tó rí gbẹ̀yìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Ohun tí ẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún kò jọ ìyẹn rárá. Ẹ fẹ́ kó jẹ́rìí ni: kó sọ ìgbà tó mọ̀ yín, ohun tó fi kọ́ yín, bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Nítorí náà, "ẹ bá mi jẹ́rìí" ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ti onídùúró. Gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ó máa ń tú ojú tó ti le ká.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló kàn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í dédé já lu àgbà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ni àbúrò mi ọkùnrin bá kọ ọ́ sí olùkọ́ rẹ̀ lórí Wáàsáàpù lọ́dún tó kọjá pé, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́." Ó wá ń dúró. Àmì máàkì méjì yẹn di búlúù, kò sí èsì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún kọ ọ́ pé, "Ṣé ẹ rántí mi sà?" Bàbá náà dáhùn pé, "Ta nìyí?" Inú bí àbúrò mi. Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, tí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ wá kí yín kíkí gígùn láìsọ ohun tó fẹ́, kí lẹ máa rò? Ẹ máa rò pé owó ló fẹ́ tọrọ, tàbí pé gbájú-ẹ̀ ni. Tí a bá lọ sílé àgbà, a lè kí i tán ká tó jókòó, torí ojú rẹ̀ là ń wò. Lórí fóònù, ìkíni tó dá dúró máa ń dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó sì lọ fara pamọ́. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó gbé yín wá nínú mẹ́séèjì kan náà.

Èmi àti àbúrò mi jókòó tún tirẹ̀ kọ. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, bó ṣe rí nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Lágbájá ni mí, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tí ẹ bójú tó purójẹ́ẹ̀tì wọn lọ́dún 2021. Omi kànga àdúgbò ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ̀yin lẹ sì ní kí n lọ tún orí kẹta kọ. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá n'Íbàdàn fẹ́ gbà mí sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Wọ́n ní kí n mú olùkọ́ kan wá tó lè sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ṣé ẹ lè bá mi jẹ́rìí, sà? Kì í ṣe ìwé onídùúró, kò sí ọ̀rọ̀ owó nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí í-meèlì yín, wọ́n sì fẹ́ gbà á padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí kò bá rọrùn fún yín, kò burú rárá, màá wá ẹlòmíì. Mi ò tíì fi orúkọ yín sílẹ̀."

Ẹ wo orí kẹta yẹn. Olùkọ́ lè gbàgbé ojú, ó lè gbàgbé orúkọ, àmọ́ ó ṣòro kó gbàgbé iṣẹ́ tó mú kí ọmọ tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ mú ẹni tó bójú tó purójẹ́ẹ̀tì yín, kódà bí kò bá tíì gba oyè Dókítà. Òun ló ka ìwé yín lójú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ bíi tèmi, orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá, kẹ́ ẹ tó fi ti ìsinsìnyí kún un.

Ẹ wá wo ìparí rẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ yọ gbólóhùn "bí kò bá rọrùn fún yín" kúrò, ó ní ṣe ni à ń kọ́ bàbá náà bó ṣe máa sọ pé rárá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe fẹ́ ẹ. Olùkọ́ tójú tì láti sọ pé rárá á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á wá kọ "ọmọ náà máa ń wá sí kíláàsì" sínú fọ́ọ̀mù, ìyẹn nìkan. Mo ti gba irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá kà á mọ̀ pé kò sóhun tó rí sọ.

Tó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lẹ máa lò, torí àwọn àgbà kan ò sí lórí Wáàsáàpù, ẹ fi ohun kan sọ́kàn. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba àmì 160, àyè àárín ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Àmọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti fi ẹ tàbí ọ tó ní àmì lábẹ́ sí i, àmì 70 péré ló máa gbà, torí fóònù á yí ọ̀nà tó ń gbà ka lẹ́tà padà. Mẹ́séèjì òkè yìí á di ojú ewé tó pọ̀, owó rẹ̀ á sì pọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ẹ jẹ́, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ àti ìbéèrè yín nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ wá béèrè ìgbà tí ẹ lè pè é. Kẹ́ ẹ sì dá orúkọ olùkọ́ náà nínú ìkíni yín, torí nọ́ńbà tó ti pẹ́ lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Bó bá ti gbà, iṣẹ́ ṣì kù o. Ẹ béèrè í-meèlì tó máa ń ṣí. Àwọn iléeṣẹ́ kan fẹ́ èyí tí ilé ìwé fún un, àmọ́ tí kì í bá ṣí i, asán ni. Ẹ sọ orúkọ iléeṣẹ́ tó máa kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó wo inú Spam tí kò bá rí nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa, a ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tí a ò bá rí i gbà títí ọjọ́ Ẹtì, a máa ń sọ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ pé kó mú ẹlòmíì wá. Nígbà míì, olùkọ́ náà ò rí ìwé wa rárá ni.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ràn: kí olùkọ́ sọ pé, "Lọ kọ ọ́ fúnra rẹ, màá buwọ́ lù ú." Ó wọ́pọ̀, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Àmọ́ mo ti rí ìwé ẹ̀rí méjì fún ọmọ kan ṣoṣo, látọ̀dọ̀ olùkọ́ méjì, tí àṣìṣe kan náà wà nínú méjèèjì. Kí lẹ rò pé a ṣe? Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dá a lóhùn pé ẹ máa fi ohun mẹ́ta tó rí yín ṣe ránṣẹ́ láti fi ràn án létí, kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ọjọ́ kejì ni bàbá yẹn tó dá àbúrò mi lóhùn. Ó ní, "Mo rántí. Orí kẹta. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ti Gmail mi, ti ilé ìwé kì í tètè ṣí." Fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó dá a padà lọ́jọ́ Ọjọ́rú. A ò mọ ohun tó kọ, kò sì yẹ ká mọ̀. Nígbà tí wọ́n gba àbúrò mi síṣẹ́, ó kọ̀wé láti dúpẹ́, kíkí gígùn ló tún fi bẹ̀rẹ̀ o, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó bá a wí. Èsì tó padà wá ni pé, "O kú oríire. Omi inú ọ̀rá yín yẹn, ṣé ó mọ́ ṣá?"